Àgádágodo wà lẹ́nu swíìṣì, iná ṣì gbé e: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní yàrá páǹpù

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò ju ojú ìwé kan lọ. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá wọ́n pa iná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fọ́mà kọ ọ́ pé: "A ti pa iná, a sì ti ti àgádágodo." Níbi tó ti béèrè ipò tí ẹ̀rọ wà, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ dára, a kò rí àléébù kankan." Fọ́mà kò purọ́. Gbogbo wa ni a rí àgádágodo náà lẹ́nu swíìṣì. Àmọ́ tẹkiníṣàn wa wà nílé ìwòsàn, iná sì ti jó o lọ́wọ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ méjì tó jẹ́ òtítọ́ báyìí kò sì sọ ohun tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, èmi náà ni wọ́n sì ní kí n tún ìwé náà kọ. Ohun tí a rí àti bí a ṣe rí i ni mo fẹ́ là sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, pàápàá ẹni tí wọ́n máa ń ní kó kọ ìjábọ̀. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ike ni, ní ìgbèríko Ìbàdàn. Páǹpù mẹ́ta ló wà ní yàrá páǹpù rẹ̀. Mótọ̀ kílówáàtì 15 ló ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan, iná fésì mẹ́ta tó jẹ́ fóòtì 415 ni wọ́n sì ń lò. Ohun kan wà nínú mótọ̀ wọ̀nyí tí kì í sí nínú gbogbo mótọ̀, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé: hítà kékeré kan tó jẹ́ wáàtì 50, tí wọ́n dì mọ́ ara wáyà inú mótọ̀. Bí mótọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ á gbóná, ọ̀rinrin kò ní ráyè. Bí ó bá dúró, pàápàá lásìkò òjò, ara rẹ̀ á tutù, omi á sì sẹ̀ sára wáyà inú rẹ̀. Iṣẹ́ hítà ni láti jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí wọn yóò fi tún un tàn. Ìyẹn ni pé ìgbà tí mótọ̀ bá kú ni hítà máa ń jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, páǹpù kejì ṣàdéédéé kú. Ófálóòdù ló pa á, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣọ́ mótọ̀ kí ó má baà fa iná ju agbára rẹ̀ lọ. Tẹkiníṣàn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mú ọmọ iṣẹ́ kan dání, ó lọ wo ohun tó ṣe é. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà inú mótọ̀ ló ti jó, àbí bẹ́rìn ló ti dì.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣe ní ẹsẹẹsẹ, nítorí pé àwọn kan ti ń sọ pé kò ṣọ́ra. Ó já swíìṣì ńlá tó wà lára pánẹ́ẹ̀lì páǹpù kejì sílẹ̀. Ó fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó sì so páálí tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ mọ́ ọn. Ó mú mítà, ó kọ́kọ́ dán an wò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tó mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, kó lè dá a lójú pé mítà náà ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọn ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jáde lábẹ́ swíìṣì ńlá: ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé èkejì, ó tún fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ilẹ̀. Òdo ni gbogbo rẹ̀. Ó tún padà sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì láti rí i pé mítà kò kú sí òun lọ́wọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná tó jẹ́ pé tẹ́sítà onígílóòbù kékeré ni wọ́n á fi kan wáyà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó ti kú. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ara wọn.

Ó wá sídìí mótọ̀, ó tú ìdérí àpótí tí wáyà ti wọ mótọ̀. Ó fẹ́ tú wáyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà níbẹ̀ kó lè fi mẹ́gà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dán wáyà wò bóyá iná ń jò lára rẹ̀, wọn wọ́n. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di etí àpótí náà mú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di sípánà. Bó ṣe ń ti sípánà bọ ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn ìka rẹ̀ kan wáyà tíńtín kan tí wọ́n fi téèpù dì ní kọ̀rọ̀ àpótí. Iná gbé e lójú ẹsẹ̀, ó sì dì í mú. Ó gbìyànjú láti já ọwọ́ gbà, kò rí i já.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ iṣẹ́ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ṣe ohun tí a kọ́ ọ: kò fọwọ́ kàn án, ó sáré lọ sídìí swíìṣì ńlá láti pa iná. Ó débẹ̀, ó bá a pé swíìṣì ti wà ní pípa, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ohun tó kù tó lè pa. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé, "Ọ̀gá, mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe, torí iná ti kú lójú mi." Ọpẹ́ ni pé kò pẹ́ níbẹ̀. Ó sáré padà, ó fa igi mọ́ọ̀pù gbígbẹ tó wà lára ògiri, ó sì fi gbá ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lára wáyà. Ẹ̀gbọ́n náà ṣubú sẹ́yìn, ó ń mí, ó ń sọ̀rọ̀.

Nílé ìwòsàn, ojú iná kékeré méjì ni wọ́n bá lára rẹ̀: ọ̀kan lẹ́yìn ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún, èkejì ní àtẹ́lẹwọ́ òsì, níbi tó ti di etí àpótí mú. Àpá méjì yẹn ló sọ ọ̀nà tí iná gbà fún dókítà: ó gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, ó gba àyà kọjá, ó sì gba ọwọ́ òsì jáde. Nítorí àyà tó gbà kọjá ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, tí wọ́n sì dá a dúró di ọjọ́ kejì láti máa ṣọ́ ọ. Wọ́n tún yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, torí pé bí iná bá ba ẹran ara jẹ́ nínú, ìdọ̀tí rẹ̀ lè pa kíndìnrín lára. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó burú. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi náà.

Kí n tó dé yàrá páǹpù, ẹnì kan ti fẹ́ dá ìdérí àpótí padà kí ẹlòmíì má baà fara pa. Ó ro rere, àmọ́ mo ní kó fi í sílẹ̀. A fi okùn yí ibẹ̀ ká, a fi ẹnì kan ṣọ́ ọ, a sì ya àwòrán gbogbo rẹ̀ láti òkèèrè àti láti itòsí. Ohun kejì tí mo bẹ̀ wọ́n ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí àgádágodo, kí wọ́n má sì pa iná gbogbo ilé. Ìdí ni pé bí a bá fẹ́ mọ ohun tó gbé e, ipò tó fi ẹ̀rọ sí gan-an ni a gbọ́dọ̀ ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló máa ń bàjẹ́ síbí: wọ́n á pa iná gbogbo ilé nítorí ìbẹ̀rù, wọ́n á wá wọn ibi tó gbé èèyàn, wọ́n á bá òdo, wọ́n á ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Mo wọ ibọ̀wọ́ iná, mo dúró lórí rọ́bà, ẹnì kan sì dúró tì mí. Mo fi ẹsẹ̀ mítà nìkan wọ inú àpótí, n kò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òdo ni àwọn wáyà ńlá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí tẹkiníṣàn ṣe sọ. Mo wá bọ́ sí kọ̀rọ̀ àpótí, níbi tí wáyà méjì tíńtín wà. Lára mótọ̀ ni àmì wọn ti hàn, H1 àti H2. Láti H1 sí ara mótọ̀, fóòtì 231. Láti H2 sí ara mótọ̀, kò tó fóòtì kan. Iná hítà ló gbé e, àgádágodo sì wà lẹ́nu swíìṣì ńlá síbẹ̀.

Ibo ni iná yìí ti ń wá? Àwòrán wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì fi hàn pé abẹ́ swíìṣì ńlá ni hítà ti ń gba iná, láti ara tiransifọ́mà kékeré kan. Bí èèyàn bá gba àwòrán yẹn gbọ́, swíìṣì ńlá pa hítà pa mótọ̀. Ojú àwòrán yẹn ni tẹkiníṣàn wò, ohun tó kà níbẹ̀ ló sì tẹ̀ lé. A ṣí pánẹ́ẹ̀lì, a bá a pé tiransifọ́mà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ihò ìdè rẹ̀ nìkan ló kù. Wáyà tó ń lọ sí hítà gba ojú kọntátọ̀ kọjá, ó bọ́ sínú àtẹ wáyà tó wà lókè, ó sì wọ inú ògiri lọ.

A fi mítà sílẹ̀ lára H1, ẹnì kan ń wò ó, èmi sì lọ sí ibi tí bíréékà iná ilé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A ń já wọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, a sì ń pè síra wa. Nígbà tí a já èkeje, mítà bọ́ sí òdo. Ohun tí wọ́n kọ sí iwájú bíréékà yẹn ni "Iná ìta". Bíréékà áńpù 16 ni. Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: orí ínfátà ni àpótí bíréékà iná ilé yìí wà, kí gílóòbù má baà kú nígbà tí NEPA bá mú iná. Ìyẹn ni pé ká ní NEPA mú iná lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ká sì tún pa jẹnẹrétọ̀, bátìrì ì bá ṣì máa fi fóòtì 230 ránṣẹ́ sí kọ̀rọ̀ àpótí mótọ̀ yẹn.

Ìwé àtúnṣe àtijọ́ ló parí ẹjọ́. A rí i níbẹ̀ pé tiransifọ́mà pánẹ́ẹ̀lì kejì jóná nígbà kan, kò sí òmíràn nílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé: "A fa iná hítà láti ibòmíràn." Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ibi tí "ibòmíràn" yẹn wà. Wọn kò tún àwòrán yà, wọn kò lẹ nǹkan kan mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ṣe é ti kúrò ní ilé iṣẹ́ náà, n kò sì rò pé ó fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára. Ó kàn fẹ́ kí mótọ̀ má rin lásìkò òjò ni. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mótọ̀ kejì ti ní ìyá méjì, ọ̀kan ṣoṣo sì ni ìwé ń dá mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kọntátọ̀ náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ewu sá pamọ́ sí. Kọntátọ̀ ni ẹ̀yà tó ń so iná mọ́ mótọ̀ tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Lára rẹ̀, ojú kékeré kan wà tó ń ṣe òdì sí i: bí kọntátọ̀ bá fà, ojú kékeré yìí á ṣí, bí kọntátọ̀ bá jábọ́, ojú kékeré á pa dé. Ojú kékeré yìí ni iná hítà gbà kọjá, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí a kò fẹ́ kí hítà máa jó nígbà tí mótọ̀ ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí iná rẹ̀ bá ti ń wá láti ibòmíràn, ohun tí tẹkiníṣàn bá ṣe láti pa mótọ̀ ni yóò so iná mọ́ H1. Ká ní ẹnì kan wọn H1 nígbà tí páǹpù ń ṣiṣẹ́, òdo ni ì bá rí. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀rọ bá dákẹ́, tí àgádágodo sì wà lẹ́nu swíìṣì, ni iná wà níbẹ̀. Ojú kọntátọ̀ yẹn gan-an ní iná lára nínú pánẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tí swíìṣì ńlá ti wà ní pípa, wáyà rẹ̀ sì dúdú bíi ti àwọn yòókù. Ìlànà àgbáyé nípa iná ẹ̀rọ, IEC 60204-1, ní kí wáyà tí iná rẹ̀ kì í kú bí swíìṣì ńlá bá kú ní àwọ̀ ọsàn, kí ẹni tó bá ṣí pánẹ́ẹ̀lì lè fura.

Àwọn ọ̀gá béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí bíréékà kò fi já nígbà tí iná di èèyàn mú. Ìbéèrè gidi ni. Hítà wáàtì 50 yìí ń fa nǹkan bí áńpù 0.22. Ara èèyàn, láti ọwọ́ kan sí èkejì, lórí iná fóòtì 230, tí òógùn sì wà lọ́wọ́, lè wà láàárín ómù 1,000 sí 2,000. Bí a bá mú 1,500, iná tó gba ara rẹ̀ kọjá jẹ́ nǹkan bí áńpù 0.15, ìyẹn mílíáńpù 150. Lójú bíréékà áńpù 16, kò sí ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti hítà. Ó lè jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú láìjá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí iná bá ti kọjá nǹkan bí mílíáńpù 10, ẹran ọwọ́ á dì, èèyàn kò ní lè tú ọwọ́ sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì ti wọ àádọ́ta sókè fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó lè da ìlù ọkàn rú. Igi mọ́ọ̀pù yẹn ló yọ ọ́.

Wọ́n tún béèrè bóyá wáyà ilẹ̀ ló bàjẹ́. Mo wọ̀n ọ́n láti ara mótọ̀ dé ìdí ọ̀pá ilẹ̀: ómù 0.1. Ó dára gan-an. Kódà, dídára rẹ̀ ló jẹ́ kí etí àpótí tó dì mú di ọ̀nà tí iná gbà jáde. Iṣẹ́ wáyà ilẹ̀ ni láti gbani nígbà tí iná bá jò sí ara ẹ̀rọ. Kò lè gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan wáyà tó ní iná fúnra rẹ̀. Bíréékà tó ń ṣọ́ iná tó bá ń jò, èyí tí wọ́n ṣe sí mílíáńpù 30, ló lè ṣe é. Ìlànà ní kó já láàárín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá bí iná tó ń jò bá tó 30, àti láàárín ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún bí ó bá tó ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, èyí tó jẹ́ 150 gẹ́lẹ́. Iná ì bá ṣì gbé e, ì bá ta á nù, kò ní dì í mú. Àpótí bíréékà iná ilé yẹn kò ní irú rẹ̀.

Ní ti ipò ẹ̀rọ, mo kọ̀ láti tún kọ "ó dára" tàbí "kò dára". Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ohun tí tẹkiníṣàn wá tún ṣe ni ìkíní: wáyà inú mótọ̀ yè, ó ju mẹ́gà-ómù 200 lọ sí ilẹ̀, bẹ́rìn ìhà páǹpù ló ti dì, òun ni ófálóòdù ṣe pa á. Ohun tó pa á lára ni ìkejì, ibẹ̀ ni mo sì pẹ́ sí jù. Hítà fúnra rẹ̀ kò ní àléébù, wáyà rẹ̀ kò jò sí ara mótọ̀. Ìsopọ̀ H1 ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ti ju kọnẹ́tọ̀ tó bá mótọ̀ wá nù, wọ́n lọ́ wáyà méjì pọ̀, wọ́n sì fi téèpù dúdú yí i. Ooru mótọ̀ ti yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà, ó ń lẹ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ó ti fà sẹ́yìn. Bàbà tó yọ síta kò ju ìdajì sẹ̀ntímítà lọ, eruku sì ti bò ó tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá kàn wojú àpótí, kò ní rí i. Ó yẹ kí ìdérí kékeré kan wà lórí H1 àti H2 pẹ̀lú àmì iná. Kò sí níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó dáàbò bò ó ni ìkẹta: wáyà ilẹ̀ dára, bíréékà ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é àmọ́ kò lè rí irú iná yìí, àwòrán pánẹ́ẹ̀lì kò bá wáyà mu.

Lórí ọ̀rọ̀ pípa iná, ohun tí mo kọ dípò gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyí:

"Ibi méjì ni mótọ̀ páǹpù kejì ti ń gba iná. Èkíní, fóòtì 415 láti swíìṣì ńlá pánẹ́ẹ̀lì kejì: tẹkiníṣàn já a, ó ti àgádágodo tirẹ̀, ó fi mítà tí ó dán wò ṣáájú àti lẹ́yìn wọ̀n ọ́n lábẹ́ swíìṣì, òdo ni. Èkejì, fóòtì 230 fún hítà láti bíréékà keje nínú àpótí iná ilé, tó wà lórí ínfátà: ẹnikẹ́ni kò já a. Kò sí lórí àwòrán, kò sí àmì lára pánẹ́ẹ̀lì tàbí lára mótọ̀. Ẹnikẹ́ni kò wọn inú àpótí mótọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, tí àgádágodo ṣì wà ní ipò rẹ̀, H1 sí ara mótọ̀ jẹ́ fóòtì 231."

Gbólóhùn tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò wọn inú àpótí mótọ̀ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ìyẹn ni àṣìṣe tẹkiníṣàn, kí n kọ "àìṣọ́ra" sí ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè okùnfà. Mo ní rárá. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ fún un béèrè pé kó wọn abẹ́ swíìṣì. Kò béèrè pé kó wọn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa dé. Ó ṣe gbogbo ohun tí ìwé ní kó ṣe. Bí a bá kọ "àìṣọ́ra", a óò kìlọ̀ fún un, bíréékà keje á sì máa dúró de ẹlòmíì.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí n taku ni pé ìwé yìí kò dúró sọ́dọ̀ wa. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi ọ̀rọ̀ tó àjọ NSITF, tó ń bójú tó ẹ̀san náà, létí. Òfin ìjọba lórí àwọn ilé iṣẹ́, ìyẹn Factories Act, náà ní kí a fi tó olùbẹ̀wò ìjọba létí bí òṣìṣẹ́ kò bá lè ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ 3 lọ. Ọjọ́ kúkúrú ni, ó sì lè ṣẹlẹ̀ kí ìwádìí má tíì parí. N kò rí ohun tó burú nínú kíkọ ohun tí a wọ̀n, ibi tí a ti wọ̀n ọ́n, àti ibi tí a kò tíì dé. Bí a bá ti kọ "a ti pa iná" ránṣẹ́ láìsí àlàyé, yóò ṣòro láti tún un yí padà lẹ́yìn náà, ó sì lè di ẹ̀rí lòdì sí ẹni tó fara pa.

Nígbà tí a parí, a lọ wo páǹpù méjì yòókù. Iná hítà páǹpù kẹta ń wá láti bíréékà keje kan náà. Ti àkọ́kọ́ kò ní iná rárá, tiransifọ́mà rẹ̀ ti kú láìsí ẹni tó mọ̀. A yí ìwé àṣẹ iṣẹ́ padà: ibi tí wọ́n ti ń fi àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ti di ibi tí èèyàn á ti kọ orísun iná kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti já a, àgádágodo tó wà níbẹ̀, àti ohun tí mítà sọ ní ibi tí ọwọ́ máa dé. Ìyẹn náà ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọn inú àpótí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i, ìgbà tó ń ṣí i kò sì tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó wọ ibọ̀wọ́, kí ẹsẹ̀ mítà nìkan wọlé, kó wọn gbogbo ojú wáyà tó bá rí, títí kan èyí tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó lo igi mọ́ọ̀pù ló dá a lábàá pé kí a kọ ibi tí wọ́n ti lè pa orísun kọ̀ọ̀kan sí ara mótọ̀, kí ẹni tó bá sáré má baà dúró sójú kan bí òun ṣe dúró. A ṣe é.

Páǹpù kejì àti ìkẹta ti ní tiransifọ́mà tuntun lábẹ́ swíìṣì ńlá, wọ́n ti fi kọnẹ́tọ̀ gidi rọ́pò téèpù, àwòrán tuntun sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. A já swíìṣì ńlá wọn, a ti àgádágodo, a wọn H1 sí ara mótọ̀: òdo ní méjèèjì. Àpótí iná ilé ti ní bíréékà mílíáńpù 30. Páǹpù àkọ́kọ́ ṣì ń retí tiransifọ́mà tirẹ̀, a sì ti tú wáyà hítà rẹ̀ ní orí àti ìdí títí yóò fi dé.